Káàdì mẹ́rin péré lóṣù mẹ́ta: kí ló pa àwọn òṣìṣẹ́ mi lẹ́nu mọ́?

MáníjàTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oṣù keje rèé tí mo gba àkóso ilé ìkẹ́rùsí kan. Òṣìṣẹ́ 64 ni wá, ṣíìfù mẹ́ta, fọ́kílíìfù mọ́kànlá. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé tí aburú bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ tí kò sì ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹrù lè já bọ́ kó má bà ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ lè kù díẹ̀ kó gbá èèyàn, wọ́n á ní “ó kù díẹ̀”, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Mo wá tẹ káàdì, mo pè é ní káàdì “ó kù díẹ̀”. Mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, mo sì sọ fún wọn nípàdé pé a ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Oṣù mẹ́ta, káàdì mẹ́rin. Èmi ni mo kọ méjì níbẹ̀, súpáfáísọ̀ kan kọ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin ń sọ pé ẹ̀rọ omi ilé ìyàgbẹ́ ń jò. Bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ibi méjì tí nǹkan ti ha òpó pẹpẹ tá a ń to ẹrù sí ní ọ̀nà keje, ojú ọgbẹ́ náà ṣì tutù. Òpó kan tiẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Mo bèèrè lọ́wọ́ ṣíìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Mo ń rò ó pé kí n sọ ọ́ di dandan, káàdì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀kan_sí_300

Á ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti 1931 ni Heinrich, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ìjàǹbá ibi iṣẹ́, ti kọ ọ́: bí ìjàǹbá ńlá kan bá ṣẹlẹ̀, kékeré 29 ti ṣáájú ẹ̀, èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára á sì tó 300. Ẹ wá 300 yẹn jáde, ọ̀kan yẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di dandan, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó bá kọ jù lẹ́bùn. Ó tán.

Ìyá Ààbò

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ káàdì sílẹ̀ ná. Òpó tó tẹ̀ yẹn, ẹ kó ẹrù kúrò lórí pẹpẹ tó gbé dúró, lọ́tùn-ún àti lósì ẹ̀, lónìí. Ẹ gbé rúlà gbọọrọ oní mítà kan lé e níbi tó ti tẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló tẹ̀ sí tí àlàfo ibẹ̀ sì ju mílímítà 5, tàbí tó tẹ̀ wọnú pẹpẹ ju mílímítà 3, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù mọ́ títí wọ́n á fi ṣe é. Tí pẹpẹ kan bá wó, kì í dá nìkan wó.

Ọ̀kan_sí_300, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà. Òótọ́ ni pé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ máa ń ṣáájú èyí tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n 300 yẹn kì í ṣe òfin bíi ti ìṣirò, ohun tí ẹnì kan rí nínú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò nígbà náà ni. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ẹnì kan níka kì í ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó pẹpẹ lu èèyàn. Èèyàn lè pa gbogbo àwọn kékeré run kí ńlá ṣì jókòó síbẹ̀. Tí MáníjàTuntun bá sì sọ káàdì di dandan, wọ́n á kọ 64 fún un lóṣù. Ẹ̀rọ omi tó ń jò ni gbogbo ẹ̀ á jẹ́.

Máníjà, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, kí ni wọ́n fi ṣe? Ṣé owó kan wà tí wọ́n máa ń pàdánù tí ìjàǹbá bá wọ ìwé? Nígbà tí ẹnì kan bá ń ju káàdì sínú àpótí yẹn, ta ló lè rí i?

Kámẹ́rà_Ni

Kí lẹ tiẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Kámẹ́rà ni. Ẹ fi sọ́nà keje, ẹ mú ẹni tó gbá òpó, ẹ lé ẹnì kan péré, àwọn yòókù á gbọ́n. Mo ṣe é níbi tiwa lọ́dún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún wá sọ fún mi pé nǹkan bàjẹ́.

Awakọ̀ Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Kámẹ́rà_Ni, ẹ tún gbólóhùn tẹ́ ẹ fi parí yẹn kà dáadáa, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n MáníjàTuntun, awakọ̀ fọ́kílíìfù ni mí, ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Igun kan wà níbi iṣẹ́ wa, níbi tí ọ̀nà àárín pẹpẹ ti yọ síbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé páálẹ́ẹ̀tì ìgò, mò ń bọ̀. Ọmọkùnrin kan yọ lẹ́yìn àwọn páálẹ́ẹ̀tì òfìfo tí wọ́n tò jọ síbẹ̀, ó ń ka ìwé ọwọ́ ẹ̀. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹrù yọ̀ síwájú, páálí méjì já bọ́, ó fò sẹ́yìn. Ohun tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, a gbá ìgò tó fọ́, kálukú bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ wá ní kí ló dé tí mi ò kọ ọ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tí mo bá kọ ọ́, wọ́n á ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ yẹn, wọ́n á gba ìtọ̀ mi lọ ṣàyẹ̀wò, màá fi wákàtí méjì kọ àlàyé, màá tún lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀. Ọmọ yẹn á gba ìwé ìkìlọ̀ torí kò gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Súpáfáísọ̀ tó ní ká to òfìfo síbẹ̀ gan-an ni wọ́n á fún ní káàdì náà kó kà á. Tí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́? Ìgò méjìlá ló fọ́, a ti gbá a.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé iná igun yẹn ò tàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun rí i, kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Ó sú mi ni.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí o: níbi tiwa, àpótí ẹjọ́ la máa ń pè é. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ẹnì kan ló fẹ́ fi sùn, tàbí ara ẹ̀.

MáníjàTuntun

Orúkọ yẹn dùn mí. Mo bi akọ̀wé mi lárọ̀ọ́ yìí, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe tiwa.

Ìyá, èsì ìbéèrè yín rèé. Kí n tó dé, awakọ̀ kan lọ sọ fúnra ẹ̀ pé òun gbá òpó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Owó wà: ṣíìfù tí kò bá ní ìjàǹbá lóṣù máa ń gba bónọ́sì, gbogbo wọn ló sì máa ń pàdánù ẹ̀ pa pọ̀. Ní ti àpótí, kámẹ́rà kan wà lókè ẹ̀. Èmi ò ronú kan kámẹ́rà yẹn rárá. Ìwé káàdì náà ní ìbéèrè 22, àkọ́kọ́ ni orúkọ, èkejì ni nọ́ńbà òṣìṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ má bínú, mi ò mọ fọ́kílíìfù, ilé ìwòsàn ni mo wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn mú mi rántí nǹkan. Lálẹ́ kan, mo na ọwọ́ mú ìgò abẹ́rẹ́ kékeré nínú dúrọ́ọ̀, mo rò pé omi tá a fi ń po oògùn ni. Pòtáṣíọ̀mù ni, èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fún èèyàn láìfi omi là á, ọkàn lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgò méjèèjì jọra, ìdérí wọn jọra, dúrọ́ọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Mo ka àkọlé lẹ́ẹ̀kejì ni mo fi rí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí gbogbo nọ́ọ̀sì máa ka àkọlé dáadáa. Ìgò méjèèjì ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Wọn ò bá mi wí o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo kà á pé ìwọ lo jẹ̀bi, máa ṣọ́ra. Mi ò kọ nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sí wọ́ọ̀dù mìíràn tí mo kọ irú ẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n fi dúrọ́ọ̀ han òun. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, pòtáṣíọ̀mù ti kúrò ní wọ́ọ̀dù pátápátá, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn apòògùn lábẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Ààbò

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín kàn wá gan-an. “Ẹ máa ṣọ́ra” ni èsì tó ń pa ìròyìn jù lọ. Ẹni tó gbọ́ ọ ò ní sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún yín mọ́.

Máníjà, nǹkan méjì ló pa àwọn èèyàn yín lẹ́nu mọ́, kí ẹ má sì dà wọ́n pọ̀. Ìbẹ̀rù ni ọ̀kan. Èkejì ni pé wọ́n ti gbà pé kò sóhun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ìpàdé tẹ́ ẹ ṣe, ìbẹ̀rù lẹ fi ń jà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í sì í lé ìbẹ̀rù, pàápàá nígbà tí gbogbo wọn mọ awakọ̀ tí wọ́n gbàwé lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti èkejì rọrùn jù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dín ìbéèrè 22 yẹn kù sí mẹ́ta. Kí lò ń ṣe? Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Kí ni kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Ìkẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Tí èsì bá jẹ́ pé ó fò sẹ́yìn, tàbí pé orí ló yọ ọ́, kò sí nǹkan kan tó ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ lọ. Tó bá jẹ́ pé irin ìdènà ló gbà á, ìdènà ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ lè ní sùúrù díẹ̀.

Láàárín ọjọ́ méjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, láti ní “mo rí i, ohun tá a máa ṣe rèé”. Ẹ gbé pátákó kan síbi tí gbogbo wọn ń gbà kọjá, kí ohun tí wọ́n sọ àti ohun tẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀ láìsí orúkọ. Tẹ́ ò bá ní ṣe é, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò ní ṣe é, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí. Ó máa yà yín lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń gba bẹ́ẹ̀ kọ́ tó ní ìdí. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọn kì í gbà.

Wàyí o, ẹ má sọ mọ́ pé ẹ ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni, wọ́n sì mọ̀. Tí ẹnì kan bá mutí wakọ̀, ẹ máa fìyà jẹ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú wọn, ní gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohun tó lè mú ìyà wá. Tó bá sì rú yín lójú, ẹ bi ara yín pé ká ní awakọ̀ mìíràn tó mọṣẹ́ bíi tiẹ̀ ló wà níbẹ̀ lálẹ́ yẹn, pẹ̀lú òfìfo níwájú ẹ̀ àti iná tí kò tàn, ṣé kò ní ṣe bákan náà? Tó bá máa ṣe é, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni yẹn mọ́, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni.

Ní ti bónọ́sì, ẹ bá àwọn ọ̀gá lókè sọ ọ́ kí wọ́n dà á mọ́ owó oṣù. Ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ ń fi bónọ́sì yẹn rà.

Ọ̀kan_sí_300

Ìyá, mi ò gbà. Bónọ́sì dín ìjàǹbá kù níbi tiwa, ìwé wà.

Ìyá Ààbò

Ìwé dín kù. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin 2010, àwọn ọ̀gá wà lórí ọkọ̀ agbẹ́po Deepwater Horizon, wọ́n wá kí wọn pé ọdún méje rèé tí ìjàǹbá ò ti dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu iṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló bú gbàù, èèyàn 11 kú. Ohun tí wọ́n ń kà kọ́ ló pa wọ́n.

Onímọ̀ràn Àìlórúkọ

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ṣé kò ní yanjú tí wọn ò bá kọ orúkọ sí i rárá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi fóònù ránṣẹ́ láìsí orúkọ. Ìbẹ̀rù tán.

Ìyá Ààbò

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Káàdì kan wọlé pé “bíréèkì ẹ̀rọ kan ò dára”. Ẹ̀rọ wo nínú 20? Ta ni màá bi? Ọjọ́ méjì la fi dá gbogbo wọn dúró, a ò rí i. Ẹni tó kọ ọ́ sì lè rò pé a ò ka ọ̀rọ̀ òun sí.

Ẹ wo bí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ṣe ṣe é. Lọ́jọ́ 1 oṣù kejìlá 1974, ọkọ̀ òfuurufú TWA 514 ń lọ balẹ̀ sí Dulles nítòsí Washington, ó sọ̀ kalẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó kọlu òkè. Gbogbo èèyàn 92 tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, awakọ̀ òfuurufú ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ṣi ìwé ọ̀nà yẹn kan náà kà, ó sì kù díẹ̀ kó kọlu òkè yẹn gan-an. Ó sọ ọ́ nílé-iṣẹ́ tiwọn, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ tiwọn. Kò sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ibòmíràn.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wá ní kí àwọn awakọ̀ máa sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀, FAA ló kọ́kọ́ fẹ́ máa gbà á, àwọn tó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀. Wọ́n tètè rí i pé kò sí awakọ̀ tó máa fọkàn tán wọn. Ní 1976, wọ́n gbé e fún NASA, tí kò lágbára láti fìyà jẹ awakọ̀ kankan. Èèyàn máa ń kọ orúkọ ẹ̀. Tí ohun kan bá rú NASA lójú, wọ́n á pè é lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé ibi tí orúkọ wà, wọ́n á dá a padà fún un, kò sí orúkọ lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, FAA ò ní gbàwé ẹ̀ lórí àṣìṣe yẹn, àyàfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tó jẹ́ ọ̀ràn, tàbí tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀.

Torí náà, ohun tẹ́ ẹ nílò kì í ṣe àìlórúkọ. Ẹni tí wọ́n lè sọ orúkọ wọn fún tí kò ní tú u ni, tí kò sì ní agbára àtilé wọn.

Awakọ̀ Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Èmi ṣì máa fẹ́ àìlórúkọ ní oṣù àkọ́kọ́. Tí mo bá rí i pé wọ́n ṣe nǹkan kan, màá kọ orúkọ mi sí ìkejì.

MáníjàTuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ n lọ gbìyànjú ẹ̀. Màá padà wá.

MáníjàTuntun (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá)

Mo padà dé. Káàdì 37 ló ti wọlé, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dùn.

Mo gbé àpótí kúrò. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n lè fún ní káàdì báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ló yan ọ̀kan nínú wọn fúnra wọn, obìnrin kan tó ń ka ẹrù. Káàdì àkọ́kọ́, tèmi ni, mo kà á sí etí gbogbo ṣíìfù. Mo ń dáhùn fóònù, mo sì gba abẹ́ fọ́kílíìfù tó gbé ẹrù sókè kọjá. Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí. Káàdì méjì wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, káàdì mẹ́rin sọ̀rọ̀ igun kan náà, ó jọ ti awakọ̀ wa yìí débi pé mo fura pé ibi iṣẹ́ kan náà la wà! Mo jókòó pẹ̀lú àwọn awakọ̀ mẹ́ta níbẹ̀, mo ní kí wọ́n máa sọ. Èmi ti rò pé eré asápajúdé ni. Wọ́n ní rárá. Ní ọ̀nà kẹfà, ibi tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ti so pọ̀ ti là, ó máa ń mi ẹrù jìgìjìgì, torí náà gbogbo wọn ń sá gba ọ̀nà keje. Ọ̀nà keje wá ń kún. Òfìfo tí wọ́n tò sí igun ti bo díńgí tó yẹ kó fi ẹni tó ń bọ̀ hàn. Kò sí èyí tí mo lè rí nínú ọ́fíìsì. Ọ̀sán kan la fi kó òfìfo kúrò. Ilẹ̀ gba ọjọ́ 19, ṣùgbọ́n ọjọ́ tá a ń retí àwọn tó máa tún un ṣe wà lórí pátákó, mo sì ń yí i padà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Súpáfáísọ̀ kan ka káàdì kan, ó mọ ìwé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, ó lọ bá a pé “ìwọ lo kọ eléyìí, àbí?” Kò bú u, ó kàn bèèrè ni. Káàdì mẹ́fà là ń rí lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan péré ló wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Obìnrin tí wọ́n yàn ló wá ta mí lólobó. Súpáfáísọ̀ náà bẹ̀ wọ́n fúnra ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù, láti ìgbà náà obìnrin yìí ló ń tún káàdì tẹ̀ kí súpáfáísọ̀ tó rí i. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà bọ̀ sípò.

Ọ̀gá lókè pè mí nígbà tó rí 37. Ó ní “kí ló ń bàjẹ́ níbẹ̀?” Mo mú ìwé àtúnṣe lọ bá a. Ní oṣù mẹ́ta tó ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni wọ́n tún òpó àti irin ìdènà tí ọkọ̀ gbá ṣe, kò sí káàdì fún ọ̀kan ṣoṣo. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni, méje nínú ẹ̀ ló ní káàdì. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Bónọ́sì ti dà mọ́ owó oṣù báyìí.

Ìyá Ààbò

Ìwé àtúnṣe yẹn lẹ fi gbọ́n jù. Iye káàdì lásán lè parọ́, ojú ọgbẹ́ òpó kì í parọ́. Ẹ máa fi wọ́n wé ara wọn lóṣooṣù. Ohun mìíràn tí mo máa ń wò ni iye káàdì tí èèyàn fi sọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ ti “ẹnì kan ṣe báyìí”, wọn ò tíì fọkàn tán yín.

Ọ̀kan_sí_300

Mo ṣì sọ pé ẹ̀bùn á mú un yára. Ṣùgbọ́n ó dáa.

MáníjàTuntun

Ti ara ẹni jẹ́ 12 nínú 37. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ṣíìfù alẹ́, méjì péré ni wọ́n kọ. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá láti ìta ò kọ ẹyọ kan.

Awakọ̀ Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Ta ló wà níbẹ̀ lóru láti gba káàdì? Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago méjì òru. Ẹ má mú bírò dání.

MáníjàTuntun (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ)

Mo lọ. Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi ń bá wọn to ẹrù kí ẹnì kan tó ní kí n wá wo nǹkan. Ó gbé àga fọ́kílíìfù sókè. Wọ́n ti fi téèpù di bọ́tìnnì abẹ́ ẹ̀, èyí tó máa ń pa ọkọ̀ tí awakọ̀ bá dìde lórí àga. Ó ní “èyí kì í ṣe ó kù díẹ̀ o, ọ̀gá. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó sì wà nínú gbólóhùn yín pé ìyà wà fún un.” Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn. Mo ní kí wọ́n yọ téèpù kúrò lálẹ́ yẹn, mo sì ní màá ronú sí i. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe. Tí mo bá fìyà jẹ wọ́n, ṣíìfù alẹ́ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Tí mi ò bá fìyà jẹ wọ́n, gbólóhùn mi ò wúlò.

Ìyá Ààbò

Ọkọ̀ mélòó ni téèpù wà lára ẹ̀?

MáníjàTuntun

Mẹ́rin nínú márùn-ún tí wọ́n ń lò lóru.

Ìyá Ààbò

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bèèrè ìgbà tí bọ́tìnnì yẹn máa ń pa ọkọ̀ fún wọn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kẹfà ni, kí wọ́n tó tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tó là ló ń jù wọ́n sókè lórí àga tí ọkọ̀ ń kú pẹ̀lú ẹrù lókè, ohun tí wọ́n fi téèpù sọ fún yín nìyẹn kẹ́ ẹ tó ní káàdì. Ní ti gbólóhùn yín, àwọn mìíràn níbí lè ní kẹ́ ẹ fìyà jẹ wọ́n, mi ò ní bá wọn jà. Èmi ò ní ṣe é fún ẹni tó gbé àga sókè hàn yín.

Awakọ̀ Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Téèpù wà lára tiwa náà. Mo ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yìí, màá wò ó bóyá mo lè sọ ọ́.